80 Gíráàmù Púrótéènì Kì í Ṣe 80 Gíráàmù Ẹran

Ká ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ fáíbírọ́ìdì fún obìnrin kan n'Ìbàdàn, tó wọn 60 kílò. Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ sílé, nọ́ọ̀sì fún un ní ìwé pélébé kan tó sọ pé kó máa jẹ púrótéènì 72 sí 90 gíráàmù lójúmọ́. Ó ka nọ́ńbà náà, ó sì ti ń ṣírò owó ẹran lọ́kàn.

“Nọ́ọ̀sì, níbo ni kí n ti rówó gbogbo ẹran yìí?”

“Ẹ má bínú, mà, ẹ jókòó ná. Kì í ṣe ẹran ni mo kọ síbẹ̀.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú nìyẹn. Púrótéènì ni èròjà inú oúnjẹ tí ara fi ń tún ẹran ara ṣe, ìwọ̀nba rẹ̀ ló sì wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹran màlúù tó ti jinná bá wọn 100 gíráàmù, púrótéènì inú rẹ̀ kò ju bí i 26 lọ. Ẹyin kan ní tó 6. Ife ẹ̀wà sísè kan ní bí i 15. Ìwé tó bá kọ gíráàmù nìkan, tí kò sọ ọ́ di ife àti ṣíbí, kò tíì ran aláìsàn lọ́wọ́.

Nọ́ńbà náà kò ṣàdédé wá. Ẹni tí ara rẹ̀ le nílò bí i 0.8 gíráàmù fún kílò kan, ìyẹn 48 fún obìnrin yìí. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, 1.2 sí 1.5 ni. Ara ń hun ojú ọgbẹ́ pọ̀, ó sì ń pèsè ohun tí yóò fi bá kòkòrò àìsàn jà. Bí oúnjẹ kò bá gbé èyí wá, ara yóò máa fà á láti inú iṣan apá àti itan, aláìsàn á sì máa rù.

Owó tí ìdílé ń ná sórí aláìsàn ló yẹ ká wò dáadáa. Mọ́ọ̀tì ni àlejò ń gbé wá, ṣúgà ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Omi ẹran dùn, ṣùgbọ́n púrótéènì inú rẹ̀ kéré. Pọ̀nmọ́ ní púrótéènì lóòótọ́, àmọ́ kò pé: ó ṣaláìní ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀. Kí wọ́n fi owó mọ́ọ̀tì ra ẹyin. Kí wọ́n fi owó pọ̀nmọ́ ra òkú èkó. Kí wọ́n sì fi ẹ̀wà rọ́pò ìdajì ìrẹsì inú abọ́.

Nọ́ọ̀sì wá bá a to ọjọ́ kan. Láàárọ̀, ògì tí wọ́n po ṣíbí ìjẹun méjì ìyẹ̀fun sóyà mọ́, tí wọ́n sì jẹ́ kó hó dáadáa, pẹ̀lú ẹyin sísè méjì: bí i 20 gíráàmù. Lọ́sàn-án, ife ẹ̀wà kan àti òkú èkó tó wọn bí i 50 gíráàmù: 27. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan nírọ̀lẹ́: 7. Lálẹ́, ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí pẹ̀lú ẹja kan bíi ti ọ̀sán: 18. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 72, kò sì sí ẹran màlúù níbẹ̀ rárá.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀bà ṣì wà níbẹ̀. Bí aláìsàn bá sá fún òkèlè pátápátá, ara yóò dáná sun púrótéènì náà láti fi wá agbára. Ó sì dára kó pín in sí oúnjẹ mẹ́ta, nítorí ara kì í tọ́jú púrótéènì pa mọ́ bó ṣe ń tọ́jú ọ̀rá.

Ìwé yìí kò bá gbogbo èèyàn mu. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ìfun kò gbọdọ̀ sáré dé ìdí ẹ̀wà. Ẹyin, ẹja rírọ̀ àti ògì onímílíìkì ló máa ń rọrùn fún un, nígbà tí dókítà bá ti ní kó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Bí oúnjẹ kò bá wọlé, kó máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, kó sì máa kọ́kọ́ jẹ ẹja tàbí ẹyin kó tó kan òkèlè.

Bí aṣọ bá ń ṣí lára rẹ̀ tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kó sọ fún nọ́ọ̀sì láìdúró de ọjọ́ àyẹ̀wò. Bí ojú ọgbẹ́ bá là, tó ń ṣọyún, tó pupa tó sì gbóná, tàbí tí ibà mú un, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́: ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.