Akápò Ti Yí Padà, Báńkì Kò Tíì Gbọ́

Bí ìjọ bá dìbò yan akápò tuntun lónìí, akápò àná ṣì ni báńkì mọ̀. Ìwé tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ṣí àkáǹtì ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Orúkọ àwọn tó lè buwọ́ lùwé wà nínú rẹ̀, àti iye wọn tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde.

Ká ní ìjọ kékeré kan n'Ìbàdàn ní ẹni mẹ́ta: alága, akọ̀wé àti akápò. Akápò wá kó lọ sókè òkun. Bí ìwé báńkì bá sọ pé ẹni méjì èyíkéyìí tó, iṣẹ́ ò ní dúró. Bó bá sọ pé ọwọ́ akápò ò gbọdọ̀ yẹ̀ níbẹ̀, owó ìjọ ti há nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹ mú ẹni tuntun wọlé kí akápò tó lọ.

Ìpàdé ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí akọ̀wé kọ orúkọ ẹni tó ń lọ, orúkọ ẹni tó ń bọ̀, àti iye ọwọ́ tí yóò máa wà lórí ìwé owó láti ìsinsìnyí lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí báńkì lórí ìwé tó ní orúkọ ìjọ, kí àwọn tí báńkì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ buwọ́ lù ú, kí ẹ sì fi àkọsílẹ̀ ìpàdé náà tì í. Ẹni tuntun yóò lọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà BVN rẹ̀, káàdì ìdánimọ̀, fọ́tò àti ẹ̀rí ibi tó ń gbé. Orúkọ ló sábà máa ń dá ìwé padà: lẹ́tà kọ “Dékìnì Ṣẹ́gun”, BVN ní “Olúṣẹ́gun”. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà nínú BVN gẹ́lẹ́.

Nínú lẹ́tà kan náà, ẹ ní kí wọ́n yọ fóònù akápò àná kúrò lórí àkáǹtì, kí wọ́n sì pa àṣẹ tó fi ń san owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ́. Ẹ ka ṣẹ́ẹ̀kì tó ti fọwọ́ sí tí ẹni tó gbà á kò tíì gbé lọ sí báńkì, torí báńkì lè dá a padà. Bó bá jẹ́ pé ó ti kú, ìwé ẹ̀rí ikú ni wọn yóò béèrè. Bó bá sì wà lára àwọn alábòójútó tí ẹ fi orúkọ wọn sílẹ̀ ní CAC, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn: báńkì ò lè yọ ọ́ níbẹ̀.

Ìjà ló burú jù. Bí apá méjì bá kọ lẹ́tà tó ta kora, báńkì lè ti àkáǹtì pa, owó á máa wọlé, kò ní jáde, títí wọn yóò fi parí ìjà tàbí tí ilé ẹjọ́ yóò fi pàṣẹ.

Ẹ gba ẹ̀dà lẹ́tà yín tí báńkì ti lu òǹtẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tuntun bá wọn fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì owó kékeré kan. Bí báńkì bá san án, iṣẹ́ ti parí.