Tí Iye Bá Yí Padà Lẹ́yìn Tá A Ti Gbé E Jáde, Ẹ Má Kàn Pa Á Rẹ́

Ṣé ẹ rántí ariwo tó sọ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2025? Ọjọ́ yẹn ni BLS, àjọ ìjọba tó ń ka iye iṣẹ́ níbẹ̀, kéde pé iṣẹ́ tó wọlé ní oṣù Karùn-ún kì í ṣe 144,000 mọ́, 19,000 péré ni. Ti oṣù Kẹfà já láti 147,000 sí 14,000. Iṣẹ́ 258,000 pòórá lórí ìwé! Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ààrẹ Trump lé ọ̀gá àjọ náà, Erika McEntarfer, lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní wọ́n yí iye náà ni, kò sì mú ẹ̀rí kankan wá.

Bẹ́ẹ̀, àtúnṣe wà nínú ètò wọn tipẹ́. Nǹkan bí 121,000 ilé-iṣẹ́ àti àjọ ìjọba ni BLS máa ń bi léèrè lóṣooṣù, gbogbo wọn kọ́ ló sì ń tètè dáhùn. Ìdáhùn tó bá ti dé ni wọ́n fi ń ṣe iye àkọ́kọ́. Bí àwọn tó pẹ́ bá ṣe ń dé, wọ́n á tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù méjì tó tẹ̀ lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tó ń gbé iye sórí dáṣíbọ́ọ̀dù nìyí. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni kí ẹ̀rọ máa mú oṣù tuntun nìkan. Tó bá mú 73,000 ti oṣù Keje wá láìwẹ̀yìn, 144,000 àti 147,000 á ṣì jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé òótọ́ ni. Èkejì ni kó kọ tuntun lé àtijọ́ lórí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti fi 144,000 kọ ìròyìn á wá dà bí òpùrọ́.

Ohun tí mo fara mọ́ ni pé kí iye kọ̀ọ̀kan ní oṣù tó ń sọ nípa rẹ̀, kó sì ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde. Ti oṣù Karùn-ún á rí báyìí:

```
2025-05 | 2025-06-06 | 139000
2025-05 | 2025-07-03 | 144000
2025-05 | 2025-08-01 |  19000
```

A ò pa ìlà kankan rẹ́. Ìlà tó kẹ́yìn ni àwòrán á lò, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tá a mọ̀ ní oṣù Keje á rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni nílé ẹjọ́: tí lọ́yà bá tún ìwé ẹjọ́ ṣe, ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú fáìlì.

Kí wọ́n sì fi àwọ̀ míì ya oṣù méjì tó kẹ́yìn sọ́tọ̀, torí wọn ò tíì parí. Ní oṣù Kẹsàn-án, BLS tún padà wá sọ pé ní oṣù Kẹfà, iṣẹ́ 13,000 ló bọ́, kò sí èyí tó wọlé. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí dáṣíbọ́ọ̀dù tí kò kọ ọjọ́ tí iye jáde, ẹ kọ́kọ́ béèrè kẹ́ ẹ tó pín in.