Nígbà tí òpó owó bá já sẹ́yìn: títẹ àkójọ kọ̀ńténà ní Àpápá

Nọ́ńbà kọ̀ńténà kọ̀ọ̀kan tó bá gba wọ́ọ̀fù Àpápá wọlé ní lẹ́tà mẹ́rin àti díjíìtì méje. Bí ẹ̀jẹ́ńtì bá kọ ọ́ sínú Excel, tó fi orúkọ ọkọ̀ òkun, orúkọ ẹlẹ́rù àti owó tó kù tẹ̀ lé e, àkójọ náà á fẹ̀ ju ìwé lọ. Excel kì í sọ òpó tó yọ síta nù o. Yóò tẹ gbogbo ojú ìwé apá òsì tán kó tó kan apá ọ̀tún, ni òpó owó á bá dá wà lẹ́yìn pátápátá, láìsí nọ́ńbà kọ̀ńténà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kọ́kọ́ fa máòsì bo ibi tó o fẹ́ tẹ̀, kó o tẹ Page Layout, Print Area, Set Print Area. Èyí á lé àwọn ojú ìwé òfìfo dànù, tí àmì kan ṣoṣo tẹ́nì kan ṣèèṣì tẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn máa ń fà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ìwé A4 fẹ̀ tó mìlímítà 210. Bí a bá yọ etí méjèèjì tí Excel máa ń fi sílẹ̀, ó ku bíi 174. Ká ní àkójọ wa fẹ̀ tó 290. Kó tó lè wọ ibẹ̀, a ní láti sún un kì dé 60%, lẹ́tà ìwọ̀n 11 á sì di 6.6. Ta ló fẹ́ ka ìyẹn lẹ́nu géètì? Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìwé náà dùbúlẹ̀ (Orientation, Landscape), àyè á di 261, 90% á sì tó. Nítorí náà, yí ìwé ná kó o tó fi Width sí 1 page. Fi Height sílẹ̀ ní Automatic. Bí o bá fi òun náà sí 1 page, gbogbo àkójọ á sún kì bí èèrà.

Ó lè wá ṣẹlẹ̀ pé kọ̀ńténà ẹlẹ́rù kan, láti ìlà 29 dé 36, pín sójú ìwé méjì. Tẹ A29, kó o lọ sí Breaks, Insert Page Break. Òpó A ni kó o ti tẹ̀ ẹ́: bó bá jẹ́ C29 ni, Excel á gé ìwé lókè, á tún gé e lápá òsì. Bí o bá sì ti lo Width, ó lè má ka ìlà tó o fi sí i kún. Padà sí Automatic, kó o tẹ 90% sínú Scale fúnra rẹ. Ní View, Page Break Preview, ìlà tìrẹ á gùn gbọrọ láìdá, ti Excel á máa dá kelekele. Print Titles ló ń mú kí orí òpó hàn lójú ìwé gbogbo: `$1:$1` ni wàá kọ síbẹ̀.

Print Area kì í sábà gbòòrò fúnra rẹ̀. Bí kọ̀ńténà tuntun bá wọlé, tó o kọ ọ́ sísàlẹ̀ àkójọ, kò ní jáde lórí ìwé, Excel kò sì ní kìlọ̀ fún ọ. Tẹ Ctrl+P, kó o wò bóyá ìlà tó kẹ́yìn lórí síìtì náà ló kẹ́yìn níbẹ̀.