Ìdí Tí Bìrìtéènì Fi Ń Wú Lórí Máàpù

Lórí oríṣi máàpù ayé kan tó wọ́pọ̀ gan-an, díẹ̀ báyìí ni Nàìjíríà fi tóbi ju Bìrìtéènì lọ. Lórí ilẹ̀ gidi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀: Nàìjíríà lé ní 920,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, Bìrìtéènì sì jẹ́ nǹkan bí 244,000. Ohun tó fà á ni pé ayé rí róbótó, bébà sì tẹ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ààbọ̀ igbá kó tẹ́ pẹrẹsẹ, àfi kó fọ́ ọ.

Ìlà tó yí ayé po ní agbedeméjì gùn tó nǹkan bí 40,000 kìlómítà. Ní dígírì 60 lápá àríwá, nítòsí ìlú Ósílò, èyí tó yí ayé po níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 20,000 lọ. Ṣùgbọ́n lórí bébà onígun mẹ́rin, méjèèjì ní láti gùn bákan náà. Ìyẹn ni pé a ti fa ilẹ̀ ibẹ̀ gbòòrò ní ìlọ́po méjì.

Lọ́dún 1569, Gerardus Mercator, tí wọ́n bí ní ibi tí à ń pè ní Bẹ́ljíọ̀m lónìí, fa ilẹ̀ náà ga ní ìlọ́po méjì pẹ̀lú, kí ìrísí etíkun má bàa bàjẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ wá fi ìlọ́po mẹ́rin tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn atukọ̀ ojú òkun ló ṣe é fún: bí wọ́n bá fi rúlà fa ìlà láti èbúté kan dé òmíràn, igun kan náà ni wọn yóò fi kọ́ńpáàsì tọ̀ títí wọn yóò fi gúnlẹ̀. Bìrìtéènì tó wà ní nǹkan bí dígírì 54 wú tó ìlọ́po mẹ́ta. Nàìjíríà tó sún mọ́ agbedeméjì ayé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà.

Àwọn mìíràn yàn láti dáàbò bo ìtóbi. James Gall, àlùfáà ará Sìkọ́tílándì, gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1855. Arno Peters ará Jámánì ló sọ ọ́ di olókìkí láwọn ọdún 1970. Bí ilẹ̀ àríwá ṣe gbòòrò tó lórí rẹ̀ ni wọ́n ṣe rẹ gíga rẹ̀ sílẹ̀ tó. Ìtóbi Nàìjíríà pé níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ga gbọọrọ, ó sì fún.

Lọ́dún 1963, Arthur Robinson ará Amẹ́ríkà wá gba àárín méjèèjì. Ìtóbi kò pé lórí tirẹ̀, ìrísí náà kò pé, àmọ́ kò sí èyí tó bàjẹ́ púpọ̀, àyàfi nítòsí òpin ayé méjèèjì. Ẹgbẹ́ National Geographic lò ó láti 1988 títí di 1998, kí wọ́n tó mú ti Winkel, tí òun náà gba àárín.

Láti mọ èyí tó wà níwájú yín, ẹ wo àwọn ìlà tó dùbúlẹ̀. Bí àlàfo wọn bá ń fẹ̀ sí i bí ẹ ṣe ń lọ sókè, ti Mercator ni. Bí àlàfo bá ń há sí i, tí gbogbo ìlà sì tọ́, ti Gall àti Peters ni, òun sì ni kí ẹ fi wé ìtóbi orílẹ̀-èdè. Bí àwọn ìlà tó nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá tẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti Robinson tàbí ti Winkel.