Nígbà Tí Àgbà Bá Ní "Yorùbá Ni": Bí A Ṣe Ń Fi Ọjọ́ Orí Pín Èsì Ìwádìí



Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ní Abẹ́òkúta níbi tí àwọn àgbà bá ti jókòó: pé àwọn ọmọ wa ò sọ Ẹ̀gbá mọ́, pé Yorùbá orí rédíò àti Gẹ̀ẹ́sì ló kù lẹ́nu wọn. Ó lè jóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí á tó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ó yẹ kí á mọ ibi tí okùn ti já. Bí àwọn ìyá àgbà bá ṣì ń bá ọmọ ọmọ wọn sọ Ẹ̀gbá, olùkọ́ ṣì wà nílé nìyẹn. Bí àwọn náà bá ti fi í sílẹ̀, kí á tètè lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ ló kù. Ìwádìí tó bá pín èsì sí ọjọ́ orí lè sọ èyí tó jẹ́ fún wa. Ó sì lè tàn wá jẹ pátápátá bí a ò bá ṣe é dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní a dúró ní Ṣàpọ́n, níbi tí èrò pọ̀ sí, a sì rìn díẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ìtòkú, a bi ọmọ Ẹ̀gbá 200 ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Èdè wo lẹ máa ń bá àwọn ọmọdé ilé yín sọ?" Mo fẹ́ kó yé yín pé èmi ni mo ṣe àwọn iye tí ẹ máa rí nínú àpẹẹrẹ yìí, kí ìṣirò má bàa le. Kì í ṣe àbájáde ìwádìí kankan, ẹ má lọ tọ́ka sí i.

Ọjọ́ orí kọ́kọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn àgbà wa ni kò ní ìwé ìbí. Bí a bá béèrè ọjọ́ orí wọn, wọ́n á ní "bí ọgọ́ta", "bí àádọ́rin". Ìdí nìyẹn tí iye tó parí sí 0 àti 5 fi máa ń pọ̀ ju èyí tó kù lọ nínú ìwé wa. Bí a bá wá gé ọ̀wọ́ ọjọ́ orí sí 20, 40 àti 60 gan-an, ẹni ọdún 58 tó pe ara rẹ̀ ní 60 ti bọ́ sínú ọ̀wọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n gé e níbi tí ẹnikẹ́ni kì í sáábà dúró: 18 sí 37, 38 sí 57, 58 sókè. Bó ṣe wù kí ẹni ọdún 58 yí i sí 60, inú ọ̀wọ́ rẹ̀ náà ló ṣì wà.

Fún ẹni tí kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀ rárá, ìṣẹ̀lẹ̀ ni a fi ń wá a. Ẹ bi í pé nígbà tó wọ ilé ìwé, ṣé pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n ń ná àbí náírà? Oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà bẹ̀rẹ̀. Ṣé ìjọba ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ nígbà tó bí àkọ́bí? Oṣù kejì ọdún 1976 nìyẹn. Ìbéèrè méjì mẹ́ta báyìí tó láti mọ ọ̀wọ́ tó wà, ọ̀wọ́ náà la sì nílò.

Kóòdù: ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an

Èsì tí èèyàn ń fún wa lẹ́nu kì í wá ní nọ́ńbà. Ẹnì kan á ní "èdè wa ni", òmíràn á ní "Yorùbá", òmíràn á ní "òyìnbó, nítorí ilé ìwé wọn", òmíràn á sì ní "bó bá ṣe bọ́ sí mi lẹ́nu". A ní láti kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àmì díẹ̀ kí á tó lè kà á. Ká ní a yan kóòdù mẹ́ta: 1 fún Ẹ̀gbá, 2 fún Yorùbá àjùmọ̀lò, 3 fún Gẹ̀ẹ́sì tàbí àdàlù Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ẹni tó bá dáhùn pé "Yorùbá", a fi 2 fún un. Ó jọ pé ó tọ́, àbí?

Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ tí a bi, ẹni 10 bọ́ sábẹ́ Ẹ̀gbá, ìyẹn 10%. Nínú 60 tó wà ní àárín, 12 ni, ìyẹn 20%. Nínú 40 àgbà, 8 ni, ìyẹn 20%. Ẹni tó bá wo èyí á kọ ọ́ pé Ẹ̀gbá ti tán lẹ́nu àgbà pàápàá, pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín ìyá àgbà àti ìyàwó ilé.

Ibi tí àṣìṣe wà rèé. Ọ̀rọ̀ náà "Yorùbá" kì í ṣe ohun kan náà lẹ́nu gbogbo wa. Bí ọ̀dọ́ bá ní Yorùbá lòun ń sọ, èyí tí wọ́n fi kọ́ ọ nílé ìwé ló sábà ní lọ́kàn. Àgbà tó ti Ẹ̀gbá bọ̀ láti kékeré, tí kò sọ nǹkan mìíràn rí nínú ilé, òun náà á ní Yorùbá ni, nítorí lójú tirẹ̀, Yorùbá ni Ẹ̀gbá. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a fi kóòdù 2 fún un ni a ṣì í gbọ́. Àṣìṣe náà kò sì pín dọ́gba: orí àwọn àgbà ló ti pọ̀ jù, orí wọn gan-an ni a sì fẹ́ gbé ìdájọ́ wa lé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò nira. A fi ìbéèrè kan kún un: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe máa ń pe ọmọ wá jẹun, kí n gbọ́." Ohun tó bá jáde lẹ́nu ni a ó fi kóòdù fún, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n fún un. Kí á tó kà á, ẹni méjì tó gbọ́ Ẹ̀gbá dáadáa á fi kóòdù sí èsì 30 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìwo ìwé ara wọn. Bí wọn ò bá fara mọ́ra ní 6 tàbí 7 nínú rẹ̀, ìlànà kóòdù wa ló ṣókùnkùn. Kí a tún un kọ kí á tó tẹ̀ síwájú.

Ká ní nígbà tí a ṣe bẹ́ẹ̀, a rí i pé nínú àwọn tó ní "Yorùbá", ọ̀dọ́ 5, ẹni àárín 12 àti àgbà 20 ló jẹ́ pé Ẹ̀gbá ni wọ́n ń sọ ní tòótọ́. Tábìlì wa á wá rí báyìí:

| Ọjọ́ orí | Ẹ̀gbá | Yorùbá àjùmọ̀lò | Gẹ̀ẹ́sì tàbí àdàlù | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|---|
| 18–37 | 15 (15%) | 45 (45%) | 40 (40%) | 100 |
| 38–57 | 24 (40%) | 24 (40%) | 12 (20%) | 60 |
| 58 sókè | 28 (70%) | 8 (20%) | 4 (10%) | 40 |

Èèyàn kan náà, ọjọ́ kan náà, Ṣàpọ́n kan náà. Àgbà tí a ní ó ti fi Ẹ̀gbá sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló wá di ẹni tó dì í mú jù. Kóòdù nìkan ló yí padà.

Ìdá nínú kí ni?

Ẹ kíyè sí i pé ìbú ni mo ka ìdá inú tábìlì yẹn: ọ̀wọ́ ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan pé 100%. Bí a bá kà á ní òòró, àwọn 67 tó ń sọ Ẹ̀gbá ni a ó fi ṣe 100%, àgbà á sì di 28 nínú 67, bí 42%. Méjèèjì tọ́ ní ìṣirò, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn yàtọ̀. "70% àwọn àgbà ń sọ Ẹ̀gbá" kì í ṣe "42% àwọn tó ń sọ Ẹ̀gbá jẹ́ àgbà". Mo ti rí ìwé àṣekágbá tó kó méjèèjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan.

Èwo wá ni ká lò? Ẹ wò ó: ká ní ọ̀dọ́ 200 ni a bi dípò 100, tí ìwà wọn ò sì yàtọ̀. Ọ̀dọ́ tó ń sọ Ẹ̀gbá á di 30, àpapọ̀ á di 82, ìdá àgbà á sì já wálẹ̀ láti 42% sí 34%. Àgbà kankan ò yí èdè padà o. Àwa la kàn bi ọ̀dọ́ púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n 70% tí a kà ní ìbú ò mì rárá. Nítorí náà, bí ọjọ́ orí bá jẹ́ ohun tí a rò pé ó fa ìyàtọ̀, inú ọjọ́ orí ni ká ti ka ìdá. Kí á sì kọ iye èèyàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí láàárín àgbà 40, ẹnì kan péré jẹ́ 2.5%. Kódà bí a bá ṣẹ́ gègé yan àwọn 40 náà, 70% yẹn lè jẹ́ ohunkóhun láti nǹkan bí 56 sí 84.

Ọjọ́ orí nìkan kò tó

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1962, William Labov wọ ilé ìtajà ńlá mẹ́ta ní Níú Yọ́ọ̀kì: Saks tó jẹ́ ti olówó, Macy's tó jẹ́ ti àárín, àti Klein tó jẹ́ ti mẹ̀kúnnù. Ó béèrè ohun tó mọ̀ pé àjà kẹrin ló wà, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè fi ẹnu ara wọn dárúkọ àjà náà fún un, kó sì gbọ́ bóyá wọ́n á pe kọ́ńsónáǹtì /r/ inú rẹ̀ tàbí wọ́n á gbé e mì. Ọjọ́ orí wọn, ojú ló fi wọ̀n ọ́n. Ẹni 264 ló dá a lóhùn. Àwọn tó pe /r/ náà, ní gbogbo ìgbà tàbí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 62% ní Saks, 51% ní Macy's, 20% ní Klein.

Nígbà tó pín gbogbo wọn pọ̀ sí ọjọ́ orí, kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti pa ìwé dé. Labov tún un pín, ilé ìtajà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ sì yọ: ní Saks, àwọn ọ̀dọ́ ló pe /r/ jù, ní Macy's, àwọn àgbà ni. Ọ̀tún àti òsì ti pa ara wọn rẹ́ nínú àpapọ̀.

Ní Ṣàpọ́n tiwa náà, ó yẹ kí á ya ọlọ́jà sọ́tọ̀ kúrò lára òṣìṣẹ́ ìjọba kí á tó gbà pé ọjọ́ orí ló ń sọ̀rọ̀. Ó sì yẹ ká bi àwọn àgbà ní ìbéèrè mìíràn: nígbà tẹ́ ẹ ń tọ́ àwọn ọmọ tiyín lọ́wọ́, ṣé Ẹ̀gbá náà lẹ fi bá wọn sọ̀rọ̀? Ìyá tó fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ ọmọ lè padà sí Ẹ̀gbá nígbà tó bá ń gbé ọmọ ọmọ pọ̀n. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ inú tábìlì wa lè ṣe bákan náà lọ́jọ́ iwájú, 15% yẹn kì í sì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní Ẹ̀gbá ni láti ìbẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé àárín ìyá àgbà àti ọmọ rẹ̀ ni okùn ti já. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, kí ilẹ̀ tó ṣú.