Owó oṣù Kẹta tó yí padà lóṣù Karùn-ún: fọ́múlà Excel àti SQL nínú ìwé ọjà títà

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù kan n'Íbàdàn tó ń ta mílíìkì, ṣúgà, ìrẹsì àti ọṣẹ. Lóṣù Kẹta, ó ta 120 agolo mílíìkì ní ₦800 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦96,000. Nígbà tí oṣù Karùn-ún dé, mílíìkì ti gbówó lórí, agolo kan ti di ₦950. Oníṣọ́ọ̀bù ṣí ìwé Excel rẹ̀, ó lọ sí ojú ewé tó kọ iye owó ọjà sí, ó pa 800 rẹ́, ó fi 950 rọ́pò rẹ̀. Ohun tó ṣe yìí kò burú, torí iye tó ń tà á báyìí nìyẹn. Àmọ́ bó ṣe padà wo àpapọ̀ oṣù Kẹta, ₦96,000 ti di ₦114,000. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ìlà oṣù Kẹta. Kò sí àmì pupa, kò sí ìkìlọ̀ kankan lójú kọ̀ǹpútà. ₦18,000 tí oníbàárà kankan kò san ti wọnú ìwé, oníṣọ́ọ̀bù sì lè torí rẹ̀ gbà pé oṣù Kẹta dára ju bó ṣe rí lọ, kó wá máa wá ìdí tí ọjà fi "lọ sílẹ̀" lóṣù Karùn-ún.

Fọ́múlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ló fà á:

```
=C2*VLOOKUP(B2,Owo!A:B,2,FALSE)
```

C2 ni iye agolo tí wọ́n tà, B2 ni orúkọ ọjà. VLOOKUP gbé orúkọ náà lọ sí ojú ewé Owo, ó wá a kàn, ó sì mú iye tó bá níbẹ̀ bọ̀ wá. Iye tó bá níbẹ̀ lónìí ló ń mú bọ̀ o. Kò mọ ọjọ́ tí wọ́n ta ọjà náà, torí kò sẹ́ni tó bi í. Ibí gan-an ni mo ti rò pé ọ̀rọ̀ Excel àti SQL ti bẹ̀rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù tó ń gbòòrò. Nínú ìwé Excel, ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀nà tí a gbà ṣírò rẹ̀ àti èsì tó jáde, inú àpótí kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Èyí tó bá yí nínú wọn lè fa àwọn yòókù yí. SQL ya ọ̀nà ìṣirò kúrò lára àkọsílẹ̀: àkọsílẹ̀ jókòó síbi tirẹ̀, ìbéèrè wà lọ́tọ̀ níbi téèyàn ti lè kà á láti òkè délẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé Excel yóò kún. Ìdí yẹn kò lágbára fún ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Ojú ewé Excel kan gba ìlà 1,048,576. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ń kọ ọ̀ọ́dúnrún ìlà lójúmọ́, láìsinmi, ó máa lé ní ọdún mẹ́sàn-án kó tó kún. Ohun tó yẹ kó kan wá ni pé àṣìṣe máa ń fara pamọ́ sínú àpótí. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ní Amẹ́ríkà, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, gbé ìwádìí kan jáde lórí gbèsè orílẹ̀-èdè àti ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé. Àwọn olóṣèlú gbé e lé ọwọ́ nígbà tí wọ́n ń jà fún àdínkù ìnáwó ìjọba. Ọdún 2013 ni akẹ́kọ̀ọ́ kan, Thomas Herndon, ní yunifásítì Massachusetts tó wà ní Amherst, rí ìwé Excel náà gbà, ó sì rí i pé fọ́múlà tó ń wá ìpíndọ́gba dúró sí ìlà 44 dípò ìlà 49. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni wọ́n fi sílẹ̀: Ọsirélíà, Ọ́sítríà, Bẹ́ljíọ̀mù, Kánádà àti Dẹ́nmáàkì. Àṣìṣe yẹn nìkan kọ́ ni wọ́n bá ìwádìí náà jà lé lórí, kò sì ju àwọn tó kù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó. Ọ̀mọ̀wé méjì kò rí i, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ka ìwádìí náà kò sì lè rí i, nítorí ohun tó hàn lójú ìwé ni èsì. Ẹni tó bá tẹ àpótí náà nìkan ló lè rí ibi tí fọ́múlà dúró sí.

SQL kì í ṣe nǹkan tuntun. Ilé iṣẹ́ IBM ni Donald Chamberlin àti Raymond Boyce ti gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1974. SQLite, tí Richard Hipp bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ètò tó ń lò ó. Ọ̀fẹ́ ni, fáìlì kan ṣoṣo ló ń kó àkọsílẹ̀ sí, ó sì wà nínú fóònù Android tí ọmọ ìṣọ̀ ń tẹ̀ lọ́wọ́. Ká ní ṣọ́ọ̀bù wa ní tábìlì kan tó ń jẹ́ tita, tí ìlà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́, ọjà, iye tí wọ́n tà àti owó tí wọ́n tà á lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè tí yóò fún wa ní àpapọ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan kò ju èyí lọ:

```
SELECT strftime('%Y-%m', ojo) AS osu, oja,
       SUM(iye * owo) AS apapo
FROM tita
GROUP BY osu, oja
ORDER BY osu;
```

Mú ọdún àti oṣù látinú ọjọ́, sọ iye di púpọ̀ lọ́nà owó, kó wọn jọ ní oṣù-oṣù àti ọjà-ọjà. Kò sí C2, kò sí ìlà 44 tó lè dúró níbi tí kò yẹ. Bí ìlà tuntun bá wọlé lọ́la, ó ti wà nínú ìṣirò. Lóṣù tó ń bọ̀, ìbéèrè kan náà la ó tún bi, láìfi ọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹnìkan lè dá mi dúró níbí pé: ohun tó gba oṣù Kẹta là kì í ṣe SQL, owó tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà lọ́jọ́ tí a tà á ni, Excel náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, mo sì gbà á tọkàntọkàn. Ẹni tó bá ń kọ 800 sí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú Excel, dípò kó máa fi VLOOKUP wá a kiri, kò ní bá ìṣòro yìí pàdé. Ibi tí Excel ti ń tanni ni pé ọ̀nà tó rọrùn jù nínú rẹ̀, fọ́múlà tí a ń fà sísàlẹ̀, ló ń ba ìtàn jẹ́. Bí ṣọ́ọ̀bù kò bá sì kọ owó mọ́ ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó máa nílò tábìlì iye owó tó ní ọjọ́ nínú: mílíìkì jẹ́ ₦800 láti ọjọ́ báyìí títí di ọjọ́ báyìí, ₦950 láti ìgbà náà lọ. Fọ́múlà tó lè ka irú tábìlì bẹ́ẹ̀ wà nínú Excel, ṣùgbọ́n ó gùn, kò sì rọrùn fún ẹlòmíràn láti kà. Nínú SQL, ìlà mẹ́ta péré ni a fi kún un:

```
SELECT strftime('%Y-%m', t.ojo) AS osu, t.oja,
       SUM(t.iye * o.owo) AS apapo
FROM tita t
JOIN owo o ON o.oja = t.oja
  AND t.ojo >= o.lati
  AND (t.ojo < o.titi OR o.titi IS NULL)
GROUP BY osu, t.oja;
```

Àmọ́ SQL náà ní ibi tó ti ń ṣini lọ́nà, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó mọ̀ ọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀. Ká ní oníṣọ́ọ̀bù fi ₦950 sínú tábìlì iye owó, tó sì gbàgbé láti ti ọjọ́ ìparí mọ́ ₦800. Ìlà méjì ló máa bá mílíìkì oṣù Karùn-ún mu nígbà náà. Bó bá ta 100 agolo, JOIN yóò ka wọn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní ₦80,000, lẹ́ẹ̀kan ní ₦95,000, èsì á jẹ́ ₦175,000 dípò ₦95,000. Bí ọmọ ìṣọ̀ bá sì kọ orúkọ ọjà kan lọ́nà tí kò bá ti tábìlì iye owó mu, VLOOKUP yóò figbe ta, yóò kọ #N/A sójú ìwé. JOIN kò ní sọ nǹkan kan, ńṣe ni ìlà náà máa pòórá. Lórí èyí, Excel dáa jù ú lọ. Ọ̀nà tí a fi ń mú àṣìṣe méjèèjì yìí kò le: ẹ ka ìlà tó wà nínú tita nìkan, kí ẹ tún ka ìlà tó jáde lẹ́yìn JOIN.

```
SELECT COUNT(*) FROM tita;

SELECT COUNT(*)
FROM tita t
JOIN owo o ON o.oja = t.oja
  AND t.ojo >= o.lati
  AND (t.ojo < o.titi OR o.titi IS NULL);
```

Bí èkejì bá pọ̀ ju èkíní lọ, ìlà kan ti di méjì. Bó bá kéré sí i, ìlà kan ti sọnù. Ìgbà mìíràn wà tí èyí tó di méjì àti èyí tó sọnù lè bára wọn dọ́gba, nítorí náà, ẹ fi LEFT JOIN wá ọjà tí kò ní iye owó lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kò gbọdọ̀ kọjá lójú wa, torí oṣù la ń ṣírò. Àwa máa ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù: 03/04/2025 jẹ́ ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹrin. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí ètò Amẹ́ríkà máa kà á sí ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta, ọjà oṣù Kẹrin á sì kó sínú oṣù Kẹta. Tó bá wá kan 13/04/2025, kò sí oṣù kẹtàlá, Excel á fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, SUMIFS tó ń wo ọjọ́ yóò sì fò ó. Ẹ lè dá a mọ̀: bí ẹ kò bá tíì to àpótí fúnra yín, ọjọ́ gidi máa ń fara ti apá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ lásán á fara ti apá òsì. SQLite fẹ́ kí ọdún ṣáájú, 2025-04-03. Èyí tí kò bá lè kà, kò ní rí oṣù fún un, nínú ìbéèrè àkọ́kọ́, gbogbo irú ìlà bẹ́ẹ̀ á kóra jọ sókè èsì láìní oṣù, níbi tójú ti lè tètè rí wọn. Ṣùgbọ́n bí Excel bá ti yí ọjọ́ náà padà kí a tó kó o wọ SQLite, SQL kò lè mọ̀.

Ní tèmi, oníṣọ́ọ̀bù kò ní láti kó Excel dànù. Bó bá fẹ́ mọ èrè tó máa kù tí mílíìkì bá di ₦1,000, tàbí kó ya àwòrán ọjà títà han ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò, Excel ló yá jù. Àkọsílẹ̀ ọjà títà fúnra rẹ̀ ló yẹ kó kúrò níbẹ̀ nígbà tí ìbéèrè kan náà bá ti ń padà wá lóṣooṣù, tí fáìlì oṣù tuntun sì jẹ́ ẹ̀dà ti oṣù tó kọjá pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó lè ná ẹnì kan láti kọ́ SELECT, GROUP BY àti JOIN kò pọ̀ jù fún ìyẹn.

Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ìwé tiyín wà, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ yí iye owó ọjà kan padà nínú ẹ̀dà náà, kí ẹ wá wo àpapọ̀ oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Bó bá yí, iye tí ẹ ń wò látọjọ́ yìí kì í ṣe owó tó wọlé. Ẹ fi ìwé báńkì oṣù náà wé e kí ẹ tó ra ọjà mìíràn.