Ojú Ìwé Tí Olówó Máa Kọ́kọ́ Kà
Ìròyìn iṣẹ́ àkànṣe lè gùn bó ti wù kó gùn, àkópọ̀ iwájú rẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ fowó sílẹ̀ máa kọ́kọ́ kà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ń gba ilé búrẹ́dì àròsọ kan ní Bódìjà, n'Íbàdàn, nímọ̀ràn láti ṣí ẹ̀ka sí Mọ́kọ́lá àti Àpáta.

Ìmọ̀ràn ló yẹ kó ṣíwájú: kí wọ́n máa yan gbogbo búrẹ́dì ní Bódìjà lóru, kí ọkọ̀ sì gbé e dé ẹ̀ka kí ilẹ̀ tó mọ́, torí owó ààrò tuntun pọ̀ jù.

Ìṣirò ló kàn. Bí owó ilé, iná àti owó oṣù òṣìṣẹ́ ẹ̀ka kan bá jẹ́ ₦300,000 lóṣù, tí ₦100 sì ń kù lórí búrẹ́dì kan lẹ́yìn owó ìyẹ̀fun àti epo ọkọ̀, ẹ̀ka náà gbọ́dọ̀ ta 100 lójúmọ́ kó tó bọ́ lọ́wọ́ àdánù. Bó bá ta 80, ₦60,000 ń wọlẹ̀ lóṣù, ká má tíì ka èyí tó bu.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣìnà: "a wo ọjà, a wo òṣìṣẹ́", wọn ò sọ ohun tí wọ́n rí. Ní tèmi, kí ẹnì kan ṣoṣo kọ ọ́, kó sì kọ ọ́ kẹ́yìn. Bí ọwọ́ márùn-ún bá kọ ọ́, iye owó tó wà níbẹ̀ kì í bára mu.